Bí a ṣe ń mọ iye irin tó wà nínú omi bọ́ọ̀hóòlù: láti ìfàmu ìmọ́lẹ̀ dé orí ìlà òṣùwọ̀n

Ìyá kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá bá mi láti Ìsánlú. "Ọ̀kún o," ló fi kí mi, ó sì sọ ẹrù náà kalẹ̀. "Omi yìí mọ́ gaara nígbà tá a fà á láàárọ̀. Bó bá fi máa di alẹ́, á ti pọ́n. Ẹ wo ẹ̀wù iléèwé àwọn ọmọ, kò tún funfun mọ́." Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì náà wò. Omi òkè mọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa.

Irin ni. Kò sí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, irin ibẹ̀ sì máa ń yọ́ sínú omi láìní àwọ̀. Bí omi bá ti dé òkè tí afẹ́fẹ́ kàn án, irin á di ìpẹtà, á sì rọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ò ṣeé wọ̀n mọ́, torí irin inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì." Mo fún un ní ìgò mímọ́ kan tí mo ti kán mílílítà 2 ásíìdì HCl tó le sí, pé kó pọn omi mílílítà 100 sí i tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti sáré fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ohun inú ìgò náà ta sí òun lára. Ásíìdì yẹn ni kò ní jẹ́ kí irin rọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fo ibí yìí, gbogbo ìṣirò tó kù, bó ti wù kó dára tó, omi mìíràn ni yóò máa ṣàlàyé.

Òfin tá a fẹ́ lò kò le. Bouguer kọ̀wé ní 1729, Lambert ní 1760, pé bí omi aláwọ̀ bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó. Beer fi kún un ní 1852 pé bí nǹkan aláwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó nínú omi náà ló ṣe máa gbé e mì tó. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀:

```
A = ε × b × C
```

A ni ìfàmu ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ tá a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ń kọ sójú. b ni ìnípọn omi tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá, tó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. C ni iye nǹkan náà nínú lítà kan. ε sì ni agbára tí nǹkan náà fi ń gbé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan pàtó mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn nípa A: bí A bá jẹ́ 1, ìdá mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ péré ló jáde lódìkejì, bó bá jẹ́ 2, ìdá ọgọ́rùn-ún ni. Ó máa wúlò níwájú.

Ẹnì kan lè ní ṣebí a ti mọ ε, kí ló dé tá ò kàn fi pín A? Ìdí ni pé ẹ̀rọ ọwọ́ wa kì í ṣe ẹ̀rọ inú ìwé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò já gaara sórí àwọ̀ kan ṣoṣo, kẹ́míkà tá a rà sì ní irin tirẹ̀ nínú. Nítorí náà a máa ń po omi tá a mọ iye irin inú rẹ̀, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ kan náà, a ó fa ìlà, a ó wá fi omi tá ò mọ̀ wé ìlà náà. Ìlà yẹn ni mò ń pè ní ìlà òṣùwọ̀n.

Irin fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀ tó tó nǹkan nínú omi, a gbọ́dọ̀ fún un ní àwọ̀. Fẹnantirolíìnì la fi ń ṣe é. Mólékù rẹ̀ mẹ́ta á dì mọ́ irin kan, omi á sì pọ́n rúsúrúsú, ìpọ́n tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ nánómítà 510 mì dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyá omi, ìyẹn èyí tá a ó ti máa bù láti po gbogbo omi òṣùwọ̀n. Ẹ wọn iyọ̀ Móòrù, ìyẹn iyọ̀ irin àti àmóníọ́mù, gírámù 0.7022. Ẹ rọra da ásíìdì sọ́fúríìkì mílílítà 20 sínú omi aláìlẹ́gbin díẹ̀ (ásíìdì la ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì), ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ́ iyọ̀ náà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi kún un dé àmì lítà 1. Mílígírámù 100 irin ló wà nínú lítà yẹn. Láti ibẹ̀, ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 10 sínú fúláàsìkì mílílítà 100, ẹ fi omi kún un dé àmì. Èyí ti di mílígírámù 10 nínú lítà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ni kẹ́ ẹ pò ó.

Ẹ to fúláàsìkì mílílítà 50 mẹ́fà kalẹ̀ fún omi òṣùwọ̀n. Ẹ má fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Ẹ fa mílílítà 2.5, 5, 10, 15 àti 20 omi mílígírámù 10 yẹn sínú àwọn yòókù lẹ́sẹẹsẹ. Tẹ́ ẹ bá ti kún wọn dé àmì, wọ́n á jẹ́ 0.5, 1, 2, 3 àti 4 mílígírámù nínú lítà. Ẹ fa mílílítà 25 omi ìyá Ìsánlú sínú fúláàsìkì keje. Ẹ fa 25 míì sínú ìkẹjọ, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Gbogbo wọn máa gba haidirọsilamíìnì ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà 1, èyí tó ń dá irin tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ìpẹtà padà sí irú tí fẹnantirolíìnì ń dì mọ́. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmóníọ́mù ásítéètì tá a pò mọ́ ásíìdì ásítíìkì sí i, mílílítà 10, tó ń mú kí kíkan omi dọ́gba nínú gbogbo fúláàsìkì. Òun náà ló ń borí ásíìdì tá a fi sínú ìgò lọ́jọ́ tá a pọnmi. Ìkẹyìn ni fẹnantirolíìnì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, mílílítà 5. Fúláàsìkì kẹjọ nìkan ni kò ní gba ti ìkẹyìn yìí. Ẹ fi omi aláìlẹ́gbin kún wọn dé àmì, ẹ dì wọ́n lẹ́nu, ẹ dojú wọn dé kẹ́ ẹ tún gbé wọn dìde nígbà bíi mẹ́wàá.

Mo fẹ́ràn láti dúró wo ibí yìí. Bí fẹnantirolíìnì bá ṣe ń kán sílẹ̀, ọsàn-pupa á ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ nínú omi, á fọ́nká, á sì dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá to fúláàsìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú bébà funfun, ó yẹ kí ojú yín rí àtẹ̀gùn: àkọ́kọ́ bí omi lásán, ìkẹfà bí omi osùn. Bí ọ̀kan bá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ ti mọ èyí tí ọwọ́ yín ti ṣì kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà fún ìṣẹ́jú 15 kí àwọ̀ náà pé.

Ní ìdí ẹ̀rọ, ẹ gbé e sí 510, ẹ fi omi aláìlẹ́gbin sọ ọ́ di òdo. Ẹ fi omi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n fọ kúfẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ife kékeré tí omi ń wà nínú ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kún un, ẹ fi bébà rírọ̀ nu ojú rẹ̀ méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ sì máa kọ ojú kan náà sí ìmọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Ìka tó kan ojú dígí á wọlé sínú òǹkà. Ẹ wo bóyá ìfóófòó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí irin rẹ̀ kéré jù lọ sókè. Ohun tí mo kà nìyí:

| Irin, C (mg/L) | Ìfàmu, A |
|---|---|
| 0 | 0.006 |
| 0.5 | 0.104 |
| 1 | 0.207 |
| 2 | 0.401 |
| 3 | 0.605 |
| 4 | 0.798 |

Fúláàsìkì tá ò fi irin sí náà kà 0.006. Kì í ṣe àṣìṣe. Àmóníọ́mù ásítéètì, kódà èyí tó dára, máa ń ní irin díẹ̀ nínú. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi fúláàsìkì yẹn sọ ẹ̀rọ di òdo: mo fẹ́ fojú ara mi rí iye tí kẹ́míkà ń fi kún un. Ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé, tẹ́ ẹ bá po ásítéètì tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ fa ìlà tuntun.

Ìlà tó bá gba àárín àwọn òǹkà yìí kọjá dáadáa jù lọ máa ń rí báyìí:

```
A = m × C + k
```

m ni ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà, ìyẹn iye tí A fi ń gòkè bí irin bá fi mílígírámù 1 pọ̀ sí i. k ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irin jẹ́ òdo. Ẹ lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, àmọ́ Excel á ṣe é kíákíá. Bí C bá wà ní A2 dé A7, tí ìfàmu sì wà ní B2 dé B7:

```
=SLOPE(B2:B7,A2:A7)
=INTERCEPT(B2:B7,A2:A7)
=RSQ(B2:B7,A2:A7)
```

Tèmi fún mi ní m = 0.1984, k = 0.0063, R² = 0.9999. R² ló ń sọ bí àwọn òǹkà ṣe sún mọ́ ìlà tó, bó bá jẹ́ 1, gbogbo wọn wà lórí ìlà gan-an. Ẹ kíyè sí ètò inú àkámọ́ yẹn: ìfàmu ló ṣáájú, C ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé e sódì, Excel kò ní pariwo, á kàn fún yín ní ìlà míì tí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń wá.

Ó wá ku omi ìyá wa. Fúláàsìkì keje kà 0.312. Ìkẹjọ, tí kò gba fẹnantirolíìnì, kà 0.014. Omi ilẹ̀ kì í ṣe omi aláìlẹ́gbin. Ó lè ní àwọ̀ tirẹ̀ tàbí kó dà bí ẹni ṣú, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ bóyá irin ló gbé ìmọ́lẹ̀ mì tàbí erukutu. Ìkẹjọ ló ń sọ iye tí kì í ṣe ti irin, òun la sì máa kọ́kọ́ yọ:

```
0.312 − 0.014 = 0.298
(0.298 − 0.0063) ÷ 0.1984 = 1.47 mg/L
1.47 × 50 ÷ 25 = 2.94 mg/L
```

Ìlà àárín ni ti irin inú fúláàsìkì. Ìlà ìkẹyìn ni ti omi inú kànga. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣubú jù: wọ́n á rí 1.47, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dìde. Mílílítà 25 omi la bù, a sì fẹ̀ ẹ́ dé 50, nítorí náà irin inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ́ sí ìdajì. Ẹ kọ iye omi tẹ́ ẹ bù sára fúláàsìkì fúnra rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.

Kí n tó kọ 2.94 fún ẹnikẹ́ni, ohun kan wà tí mo máa ń ṣe, ohun tí àṣìṣe ara mi ló kọ́ mi. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo fa ìlà kan lọ́jọ́ kan tó gún bí ọ̀pá, R² rẹ̀ jẹ́ 0.9998. Inú mi dùn. Mo ṣírò omi kànga kan, ó já sí 1.6, mo sì ti ń kọ ìwé fún oníkànga. Ọ̀gá mi wá béèrè pé, "Ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ ńkọ́?" Mo ní 0.0992. Ó fi bírò ṣírò lórí bébà, ó ní, "Ìdajì ni. Lọ wo fúláàsìkì ẹ." Fúláàsìkì mílílítà 200 ni mo fi po omi tó yẹ kí n fi ti 100 pò. Gbogbo omi òṣùwọ̀n mi ló jẹ́ ìdajì ohun tí mo pè é, nítorí náà gbogbo èsì mi jẹ́ ìlọ́po méjì òótọ́. Omi ọ̀hún kò ju 0.8 lọ.

R² kò lè rí irú àṣìṣe yẹn láéláé. Ohun tó ń sọ kò ju pé àwọn òǹkà wà lórí ìlà kan náà lọ. Bí ìyá omi bá ti ṣì, gbogbo ọmọ rẹ̀ á ṣì ní ìwọ̀n kan náà, ìlà á sì gún síbẹ̀. Ohun tó ń tú u fó ni òfin tá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí b bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, m kì í ṣe nǹkan míì ju ε lọ, ìyàtọ̀ wọn ò ju pé a ka m ní mílígírámù, a sì ka ε ní mólù. Mólù irin kan jẹ́ gírámù 55.845, ìyẹn mílígírámù 55,845. Nítorí náà:

```
ε = 0.1984 × 55845 = 11080
```

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ irin àti fẹnantirolíìnì ní 510 tó nǹkan bí 11,100. Ìlà mi bá a mu. Bí ẹ bá rí bíi 5,500, ìdajì ti sọnù níbì kan, bóyá nínú fúláàsìkì, pìpẹ́ẹ̀tì tàbí iyọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀n. Bó bá fi díẹ̀ kéré, bíi 10,300, ẹ yẹ nánómítà wò, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ẹ dúró kí àwọ̀ pé. Ìṣirò ìṣẹ́jú kan ni, n kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gbé èsì jáde láìṣe é.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ìyàtọ̀ láàárín òǹkà kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ìlà sọ. Fún 3, ìlà ní 0.6015, ẹ̀rọ ní 0.605, ó fi 0.0035 ga. Fún 4, ìlà ní 0.7999, ẹ̀rọ ní 0.798, ó fi 0.0019 kéré. Bí àwọn ìyàtọ̀ yìí bá ń lọ sókè sódò láìtò, kò burú. Àmọ́ bí méjì ìpẹ̀kun bá kéré, tí gbogbo ti àárín sì ga, ìlà yín ti tẹ̀ bí ọrun, kódà bí R² bá ka 0.998. Ẹ yọ omi òṣùwọ̀n tó ga jù kúrò, ẹ tún un fà.

Bí ọrun yẹn ṣe ń tẹ̀ hàn kedere nínú omi kejì tí mo gbà lọ́sẹ̀ yẹn, láti kànga kan lẹ́bàá Mọ̀pà. Mílílítà 25 rẹ̀ kà 1.273 lẹ́yìn tí mo yọ àwọ̀ tirẹ̀. Òkè ìlà mi ò ju 0.8 lọ. Ẹni tó bá kánjú á fa ìlà náà gùn síwájú, á ṣírò, á rí 12.8 mílígírámù nínú lítà. Mo bu omi kan náà ní mílílítà 10, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó kà 0.538:

```
(0.538 − 0.0063) ÷ 0.1984 = 2.68
2.68 × 50 ÷ 10 = 13.4 mg/L
```

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí-ire. Nígbà tí A bá ti kọjá 1, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde kò tó ìdá mẹ́wàá mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀tàn díẹ̀ tó ń yọ́ wọnú ẹ̀rọ láìgba inú omi kọjá wá di nǹkan ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì rò pé omi náà ò pọ́n tó bó ṣe pọ́n. Ẹ má ṣe fi omi la àwọ̀ tó ti pọ́n tán láti mú un sọ̀kalẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ bù kékeré nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí iye kẹ́míkà bá ti ìlà dọ́gba.

Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fi irin sí 0.3 mílígírámù nínú lítà. Ti ìyá Ìsánlú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. A ṣètò pé kí omi máa rọ̀ bí òjò láti ẹnu páìpù tó nihò wẹ́wẹ́ sínú táǹkì, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án dáadáa, kó dùbúlẹ̀ mọ́jú, kó wá gba inú iyanrìn kọjá. Ó tún gbé ìgò wá. Mílílítà 25 kà 0.041, ti àwọ̀ tirẹ̀ kà 0.005. Ẹ ṣírò rẹ̀, á fún yín ní 0.30 gan-an.

Mi ò lè fi ìyẹn dá a lóhùn. Òǹkà ẹ̀rọ mi lè yẹ̀ ní 0.002 sókè tàbí sódò, mo sì ka ẹ̀ẹ̀mejì láti rí ìyàtọ̀ kan. Èsì yẹn lè jẹ́ 0.27, ó lè jẹ́ 0.33. Ní ìsàlẹ̀ ìlà báyìí, b ló ń gbani. Mo gbé kúfẹ́ẹ̀tì sẹ̀ǹtímítà 5 sínú ẹ̀rọ, mo po omi òṣùwọ̀n tuntun tí kò kọjá 0.8, mo fa ìlà mìíràn fún un. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.990, k jẹ́ 0.030. Tẹ́ ẹ bá pín 0.990 sí márùn-ún, ẹ ó rí 0.198, ìyẹn ìdagẹ̀rẹ̀ àná. Omi náà kà 0.196, àwọ̀ tirẹ̀ 0.024:

```
(0.196 − 0.024 − 0.030) ÷ 0.990 = 0.143
0.143 × 50 ÷ 25 = 0.29 mg/L
```

Àṣìṣe 0.002 kan náà ò ju 0.004 lọ níbí, kódà bí òǹkà méjèèjì bá yẹ̀ pọ̀, kò ní kọjá 0.3. Mo kọ 0.29 sí ìwé ìyá, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fọ iyanrìn yẹn kó tó dí, kí wọ́n sì gbé ìgò míì wá lẹ́yìn oṣù kan.